Wáyà tó yí po: bí súwíìṣì ṣe ń mọ ilé kálukú, àti ìdí tó fi yẹ kí o fi ọwọ́ ara rẹ yan gbòǹgbò

Wọ́n pè mí ní àárọ̀ Sátidé kan láti ilé ìdánwò orí kọ̀ǹpútà kan ní Adó-Èkìtì. Ọmọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ wọn ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà kan tó ń rí sáfà mọ́, àmọ́ iná gbogbo súwíìṣì ń ṣẹ́jú bíi pé iṣẹ́ ń lọ ní pẹrẹu." Gbólóhùn rẹ̀ ìkẹyìn yẹn ni mo fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó gun ọ̀kadà.

Nígbà tí mo débẹ̀, iná gbogbo ihò tó wà lára súwíìṣì inú gbọ̀ngàn, ìyẹn àpótí tó so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀, ń tàn, wọ́n sì ń kú pa pọ̀, ó yára débi pé ojú kò fẹ́ẹ̀ rí i pé wọ́n ń kú. Ẹni tó gbálẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ti rí orí wáyà kan tó ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì fi inú rere kì í bọ ihò kan tó ṣófo, ihò 31. Kò mọ̀ pé orí kejì wáyà náà ti wà ní ihò 12 lára súwíìṣì kan náà. Mo fà á yọ, kò sì tó ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan tí iná fi padà sí bó ṣe máa ń ṣe, táwọn kọ̀ǹpútà sì rí sáfà.

Wáyà kan ṣoṣo, tí kò ju mítà méjì lọ, ló pa 40 kọ̀ǹpútà lẹ́nu iṣẹ́. Kí ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà tó yé ọ, a ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí súwíìṣì ń rò.

Orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ ló ń kà kó tó mọ ilé

Ronú nípa obìnrin kan tó ń gba ẹrù ní ibùdókọ̀ ní Adó. Ọkọ̀ Ìjerò, ọkọ̀ Ìkẹ́rẹ́, ọkọ̀ Ọ̀yẹ́ àti ọkọ̀ Ìkọ̀lé ń wọlé, wọ́n ń jáde. Kò sẹ́ni tó fún un ní ìwé tó sọ ibi tí oníkálukú ń gbé. Ọkọ̀ Ìjerò gbé ẹrù kan dé, wọ́n kọ sí i lára pé Ìyá Bọ́lá ló fi ránṣẹ́ sí Bàbá Tọ́pẹ́. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀: Ìyá Bọ́lá, Ìjerò. Kò tíì mọ ibi tí Bàbá Tọ́pẹ́ wà. Kí ló wá ṣe? Ó ṣe ẹ̀dà ẹrù náà, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sínú gbogbo ọkọ̀ yòókù, àyàfi ọkọ̀ Ìjerò tó gbé e wá. Ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀ yóò jù ú nù. Nígbà tí Bàbá Tọ́pẹ́ bá fèsì láti Ọ̀yẹ́, obìnrin yìí yóò kọ ọ́ pé Bàbá Tọ́pẹ́, Ọ̀yẹ́. Láti ìgbà náà lọ, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ẹrù àwọn méjèèjì yóò máa wọ̀.

Ohun tí súwíìṣì ń ṣe gan-an nìyẹn. Ẹrù náà là ń pè ní féréèmù, orúkọ ara rẹ̀ sì ni àdírẹ́sì MAC, nọ́ńbà àti lẹ́tà 12 tí wọ́n ti kọ sára káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Àdírẹ́sì olùfiránṣẹ́ ló fi ń kẹ́kọ̀ọ́, àdírẹ́sì olùgbà ló fi ń pinnu ihò tí yóò gbé féréèmù gbà jáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń yí èyí po, wọ́n rò pé súwíìṣì máa ń wá olùgbà kiri. Kì í wá ẹnikẹ́ni. Ohun tó bá gba iwájú rẹ̀ kọjá ló mọ̀.

Ìwé rẹ̀ kì í sì í wà títí. Bí àdírẹ́sì kan kò bá tún fi nǹkan ránṣẹ́ láàárín 300 ìṣẹ́jú-àáyá, ìyẹn ìṣẹ́jú márùn-ún, lára ọ̀pọ̀ súwíìṣì, yóò pa orúkọ náà rẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé èèyàn lè ti gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ síbòmíràn.

Bí o bá fẹ́ fi ojú ara rẹ rí i, jókòó sídìí súwíìṣì tó ń gba àṣẹ. Ti Sísíkò ni mo lò níbí. Kọ́kọ́ wo ìwé rẹ̀:

```
show mac address-table dynamic
```

Wàá rí àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ihò tó ti gba ibẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kìíní `ping` èkejì lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn kó fi ìbéèrè kékeré ránṣẹ́ kó sì retí ìdáhùn, kí wọ́n lè mọ ara wọn, kí o sì ṣí Wireshark, ètò tó ń fi féréèmù tó ń wọlé hàn, sórí kọ̀ǹpútà kẹta tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Wá nu ìwé súwíìṣì:

```
clear mac address-table dynamic
```

Ní kíá, tún jẹ́ kí kìíní `ping` èkejì. Bí èkejì kò bá tíì fọhùn láàárín àkókò kékeré yẹn, kọ̀ǹpútà kẹta yóò rí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, nítorí súwíìṣì kò mọ ibi tí èkejì wà, ó fọ́n ọn síta. Kò ní rí ìdáhùn, kò sì ní rí ìbéèrè kejì. Bí o kò bá jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ara wọn ṣáájú ìnù, ìdánwò yìí kò ní fi nǹkan hàn ọ́. Ìkéde tí kọ̀ǹpútà ń ṣe láti béèrè ta ló ni àdírẹ́sì IP kan, ìyẹn nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń mọ kọ̀ǹpútà, àti ìdáhùn tó ń tẹ̀ lé e, yóò ti kọ́ súwíìṣì lẹ́kọ̀ọ́ kí `ping` tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fi gbogbo ọ̀sán wá féréèmù tí wọ́n fọ́n síta, tí kò sì rí ọ̀kan.

Ìfọ́nsíta yìí lè di wàhálà láìsí wáyà kankan tó yí po. Ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán kámẹ́rà sílẹ̀, tó kàn ń gbà tí kì í fèsì, yóò kúrò nínú ìwé lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Láti ìgbà náà, gbogbo àwòrán tí kámẹ́rà ń rán sí i yóò máa lọ sí ihò gbogbo, títí ẹ̀rọ náà yóò fi tún sọ̀rọ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń wúwo lóòrè-kóòrè láìnídìí, béèrè bóyá ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń gbọ́ràn láìsọ̀rọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ihò 12 àti ihò 31

Irú féréèmù kan wà tó jẹ́ pé gbogbo èèyàn ló wà fún, ìyẹn ìkéde. Àdírẹ́sì olùgbà rẹ̀ ni `ffff.ffff.ffff`. Súwíìṣì kò lè kọ ọ́ sínú ìwé láé, nítorí kò sẹ́ni tí í fi orúkọ yẹn ránṣẹ́. Torí náà, gbogbo ìgbà ló ń fọ́n ọn síta.

Wá fi wáyà náà há ihò 12 àti 31. Kọ̀ǹpútà tó wà ní ihò 3 ṣe ìkéde kan. Súwíìṣì fọ́n ọn sí gbogbo ihò yòókù, títí kan 12 àti 31. Èyí tó jáde ní 12 gba inú wáyà padà wọlé ní 31, èyí tó jáde ní 31 sì wọlé ní 12. Lójú súwíìṣì, ìkéde tuntun méjì ló dé yẹn. Ó tún fọ́n wọn síta. Méjèèjì ń yí lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì, bí wọ́n bá sì ti yí lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan nínú gbọ̀ngàn ti gba ẹ̀dà méjì.

Kò sì sí ohun tí yóò dá wọn dúró. Páákẹ́ẹ̀tì íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń ní nọ́ńbà kan lára tó ń dín kù bó bá ti kọjá ráútà kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń so nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan mọ́ òmíràn, bó bá di òdo, wọ́n á jù ú nù. Féréèmù kò ní irú rẹ̀. Kò mọ iye ìgbà tó ti kọjá, kì í darúgbó. Ìkéde mélòó kan péré tó láti kún wáyà dé ẹnu. Lórí wáyà 100 Mb/s, féréèmù tó kéré jù lọ lè kọjá ní ìgbà tó lé ní 148,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, gbogbo kọ̀ǹpútà ló sì ní láti ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wò nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sí "gbogbo èèyàn". Ìdí nìyẹn tí èkúté kọ̀ǹpútà pàápàá fi ń lọ́ tìkọ̀ nígbà ìjì ìkéde yìí.

Apá kejì ìṣòro náà ni àwọn èèyàn kì í sábà rí. Ìkéde kọ̀ǹpútà ihò 3 tó gba ihò 31 padà wọlé ṣì ní orúkọ kọ̀ǹpútà ihò 3 lára gẹ́gẹ́ bí olùfiránṣẹ́. Súwíìṣì bá ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: ó pa "ihò 3" rẹ́, ó kọ "ihò 31". Lẹ́yìn náà ó kọ "ihò 12". Ó tún kọ "ihò 31". Nígbà tí sáfà bá wá fẹ́ dá kọ̀ǹpútà náà lóhùn, inú wáyà tó yí po ni súwíìṣì máa gbé ìdáhùn náà sí. Súwíìṣì tó ń gba àṣẹ sábà máa ń ké nípa rẹ̀ báyìí:

```
%SW_MATM-4-MACFLAP_NOTIF: Host 0050.7966.6801 in vlan 1
is flapping between port Gi0/12 and port Gi0/31
```

Bí o bá rí ọ̀rọ̀ yìí, má ṣe wá kọ̀ǹpútà náà lọ. Ihò méjèèjì tó dárúkọ ni kí o wò. Bí súwíìṣì kò bá lè sọ̀rọ̀, máa fa wáyà tó so súwíìṣì pọ̀ mọ́ súwíìṣì yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá rọlẹ̀ níhìn-ín tó ṣì ń jó lọ́hùn-ún, ọ̀hún ni wáyà tó yí po bí òrùka wà. Má kàn pa iná ẹ̀rọ kí o sì tún tàn án, nítorí ìjì yóò dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ìkéde àkọ́kọ́ yóò sì tún gbé e dìde.

Òfin igi

Àwọn súwíìṣì yẹn ní ohun tó yẹ kó dènà èyí. Nínú àṣẹ wọn, `spanning-tree` ni wọ́n ń pè é, èmi ń pè é ní òfin igi. Radia Perlman ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1985. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé ẹ̀ka igi kì í tẹ̀ padà wọ inú ẹ̀ka mìíràn. Bí wáyà bá yí po, àwọn súwíìṣì yóò gbìmọ̀, wọ́n á ti ihò kan pa láìfa wáyà yọ, títí ohun tó kù yóò fi di igi. Bí ẹ̀ka kan bá kán, wọ́n á ṣí èyí tí wọ́n tì.

Kí ló dé tí kò wá ṣiṣẹ́? Mo wo ètò inú súwíìṣì gbọ̀ngàn, mo rí `no spanning-tree vlan 1`. VLAN ni apá kan tí a pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí. Ẹnì kan tó ṣiṣẹ́ ṣáájú mi ló pa á. Mo mọ ohun tó sún un dé ibẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é: ní ọ̀nà àtijọ́, ihò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ki wáyà bọ̀ yóò gbọ́ràn fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, yóò kẹ́kọ̀ọ́ fún 15 mìíràn, kó tó gbé ẹrù ẹnikẹ́ni. Láàárín 30 yẹn, kọ̀ǹpútà tó ń tàn ti béèrè àdírẹ́sì IP títí ó fi sú u. Ẹni náà pa ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nítorí pé ó ń pẹ́ kó tó ṣílẹ̀kùn.

Mo tàn án padà lórí súwíìṣì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì sọ ọ́ di oríṣi tó yára:

```
spanning-tree vlan 1
spanning-tree mode rapid-pvst
```

Jẹ́ kí n to ilé náà fún ọ. Súwíìṣì A wà ní yàrá sáfà. Súwíìṣì B wà nínú gbọ̀ngàn pẹ̀lú 40 kọ̀ǹpútà. Súwíìṣì D, ti àtijọ́ tí kò lè ju 100 Mb/s, wà ní yàrá ìforúkọsílẹ̀. Wáyà 1 Gb/s so A mọ́ B, wáyà 100 Mb/s so A mọ́ D. Níwọ̀n bí òfin igi ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mo fa wáyà kẹta láti B sí D, kí ìdánwò má baà dúró bí èkúté bá jẹ wáyà A sí B. Mo gbà pé mo ti ṣe dáadáa. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, wọ́n pè mí: "Bọ̀ọ̀dá, ó ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ ìbéèrè tó ní àwòrán ń fà bí ìgbín."

Ẹ̀bi mi ni. Mo tan òfin igi, n kò yan gbòǹgbò.

Gbogbo igi gbọ́dọ̀ ní gbòǹgbò kan. Súwíìṣì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a fi nǹkan méjì ṣe: nọ́ńbà ipò, tó jẹ́ 32768 bí o kò bá yí i padà, àti àdírẹ́sì MAC súwíìṣì náà. Ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì-méjì ni wọ́n ń fi ìwé kékeré tí a ń pè ní BPDU sọ ẹni tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ gbòǹgbò. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù ló ń jẹ ẹ́. Bí ipò gbogbo wọn bá dọ́gba, àdírẹ́sì MAC ló máa yà wọ́n, lọ́pọ̀ ìgbà sì rèé, súwíìṣì tó pẹ́ jù ló ní àdírẹ́sì tó kéré jù. Bí a ṣe fi àgbà ẹ̀rọ tó ti rẹ̀ jọba nìyẹn, láìjẹ́ pé afọbajẹ kankan jókòó. Mo wo súwíìṣì A:

```
show spanning-tree vlan 1
```

Ohun tó ṣe pàtàkì nínú èsì rẹ̀ nìyí:

```
Root ID    Priority    32769
           Address     0009.7c10.2a00
           Cost        19
Gi0/23     Altn BLK 4
Gi0/24     Root FWD 19
```

32769 yẹn kì í ṣe àṣìṣe: 32768 ni wọ́n fi nọ́ńbà VLAN 1 kún. Àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0009 ni ti D. D ni gbòǹgbò.

Wá bá mi ṣírò. Wáyà kọ̀ọ̀kan ní iye owó ọ̀nà: 19 fún 100 Mb/s, 4 fún 1 Gb/s. Súwíìṣì tí kì í ṣe gbòǹgbò máa ń yan ọ̀nà tí owó rẹ̀ kéré jù lọ dé ọ̀dọ̀ gbòǹgbò. Láti A sí D tààrà, 19. Láti A gba B dé D, 4 àti 19, ìyẹn 23. A yan tààrà. B náà ṣírò, ó bá 19 tààrà. Ó wá ku wáyà A sí B tí ẹnikẹ́ni kò nílò láti dé gbòǹgbò, bẹ́ẹ̀ ni òrùka kò sì gbọdọ̀ wà. Owó àwọn méjèèjì dọ́gba, nọ́ńbà B ló kéré ju ti A, torí náà B ṣí ihò tirẹ̀ sílẹ̀, A ti tirẹ̀ pa. Ìyẹn ni `BLK` tó wà níwájú Gi0/23.

Wáyà tó yára jù nínú ilé náà ni wọ́n tì pa. Gbogbo àwòrán ìdánwò tó ń ti sáfà lọ sí 40 kọ̀ǹpútà ń kọ́kọ́ lọ sí yàrá ìforúkọsílẹ̀, ó ń gba inú súwíìṣì àgbà kọjá ní 100 Mb/s, kó tó dé gbọ̀ngàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sáfà. Kò sí ìjì, kò sí ìkìlọ̀ kankan. Òfin igi ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe gẹ́lẹ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ, lórí A nìkan:

```
spanning-tree vlan 1 priority 4096
```

Nọ́ńbà ipò gbọ́dọ̀ jẹ́ 0 tàbí ìlọ́po 4096, kò ní gba òmíràn. Mo fi B sí 8192, kó lè jẹ́ ìgbákejì bí A bá kú. Tún un ṣírò: A di gbòǹgbò. B dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní 4. D dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní 19 tààrà, nígbà tí ọ̀nà B jẹ́ 23. Wáyà B sí D ló ṣẹ́ kù, B ló sún mọ́ gbòǹgbò jù, torí náà D ló ti ihò tirẹ̀ pa. Wáyà tí mo fà fún ìpamọ́ ló wà ní ìpamọ́ báyìí.

Ihò kọ̀ǹpútà kì í ṣe ihò súwíìṣì

Ó ku ọ̀rọ̀ 30 ìṣẹ́jú-àáyá tó mú kí wọ́n pa òfin igi níbẹ̀rẹ̀. Oríṣi tó yára pàápàá kò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ló wà ní ìdí ihò kan, àyàfi bí o bá sọ fún un. Lórí B, ihò 1 sí 46 jẹ́ ti kọ̀ǹpútà, 47 lọ sí A, 48 lọ sí D:

```
interface range gigabitEthernet 0/1 - 46
spanning-tree portfast
spanning-tree bpduguard enable
```

Ìlà kejì ní kí ihò náà gbé ẹrù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìlà kẹta ní kó kú bí BPDU bá gba ibẹ̀ wọlé, nítorí kọ̀ǹpútà kì í sọ BPDU. Má ṣe fi ìkejì sílẹ̀ láìfi ìkẹta tì í, má sì fi èyíkéyìí nínú wọn sórí 47 àti 48. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú wáyà ọjọ́ Sátidé yẹn, mo tún fi há 12 àti 31. Ihò kan kú lójú ẹsẹ̀, `err-disabled` ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀, àwọn kọ̀ǹpútà yòókù kò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Láti jí i, fa wáyà yọ kí o tó ṣe `shutdown` àti `no shutdown` lórí ihò náà.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣe ìdánwò tí mo ń ṣe kí n tó gba owó mi: mo jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn kan máa `ping` sáfà láìdúró, mo sì fa wáyà 47 yọ. Èsì kan péré ló sọnù kí D tó ṣí ihò rẹ̀. Ní ọ̀nà àtijọ́, D ì bá kọ́kọ́ dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 20 kó tó gbà pé nǹkan yí padà, lẹ́yìn náà 15 àti 15, gbogbo rẹ̀ 50. Wo `show spanning-tree` lẹ́yìn tí o bá ki wáyà padà, kí o rí i pé `BLK` ti padà sórí D.

Ibì kan wà tí ọwọ́ òfin yìí kò dé dáadáa: súwíìṣì kékeré oníhò márùn-ún tí àwọn èèyàn ń rà lọ́jà tí wọ́n ń fi sábẹ́ tábìlì. Kì í dá BPDU tirẹ̀ sọ. Bí ẹnì kan bá ki wáyà po lára rẹ̀, àwọn kan máa ń gbé BPDU B kọjá títí yóò fi padà dé ọ̀dọ̀ B, ihò náà á sì kú bó ṣe yẹ. Àwọn mìíràn máa ń gbé e mì, B kò ní gbọ́ nǹkan kan, ìjì á sì ti ibẹ̀ wọlé. Fún irú ihò bẹ́ẹ̀, mo máa ń fi òdiwọ̀n sí ìkéde:

```
storm-control broadcast level 1.00
storm-control action shutdown
```

Bí ìkéde bá ti ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ihò náà lè gbé, yóò kú. A rí súwíìṣì kékeré méjì ní gbọ̀ngàn yẹn. Ọ̀kan wà lábẹ́ tábìlì alábòójútó, èkejì wà lókè àjà, kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó gbé e síbẹ̀.